Ohun Tí A Fi Ń Pe Ẹni Tí A Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀

Àpòòwé ńlá kan já bọ́ lábẹ́ apá obìnrin kan ní Dùgbẹ̀, nílùú Ìbàdàn, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an. Obìnrin náà kò mọ̀. Báàgì wà léjìká rẹ̀, búrẹ́dì inú ọ̀rá wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì ń yára lọ sí ibi tí àwọn ọkọ̀ èrò ń dúró sí. Ọkùnrin kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ó rí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àpòòwé náà, ó rí orúkọ ilé ìwòsàn kan lára rẹ̀, ó sì fọwọ́ kan fíìmù ẹ́síréè tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé aláìsàn káàkiri rí mọ ohun tí irú àpòòwé bẹ́ẹ̀ jẹ́. Owó ni, ọjọ́ tí wọ́n fi tò sórí ìlà ni, òun náà sì ni dókítà yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn bí wọ́n bá padà dé.

Ọkùnrin yìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ó ti lo ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti ń wa ọkọ̀ èrò kí ó tó fẹ̀yìn tì, tí ó sì padà wálé. Yorùbá rẹ̀ já gaara. Kò sí ọ̀rọ̀ tó wọ́n ọn lẹ́nu. Síbẹ̀, nígbà tí ó la ẹnu láti pe obìnrin tó wà níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn jẹ́ èyí tó ti gbọ́ lójoojúmọ́ fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ́nu àwọn èrò inú ọkọ̀ rẹ̀, ìyẹn ẹkisikíùsì mí. Ó yára yí i padà sí Yorùbá nínú ọkàn rẹ̀, ó sì ké pè é pé, “Ẹ jọ̀ọ́! Ẹ jọ̀ọ́, mà!”

Obìnrin náà kò dúró. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó kàn dáhùn wẹ́rẹ́ pé, “Ẹ má bínú o,” ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ya ọkùnrin yìí lẹ́nu. Ó rò pé obìnrin náà kò gbọ́ ọ yé. Ó sáré díẹ̀ kí ó lè sún mọ́ ọn, ó sì tún ké pé, “Màmá! Màmá, ẹ dúró, nǹkan yín ti jábọ́!” Nígbà yìí, obìnrin náà fi ọwọ́ gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì sọ ìrìn di ìsáré. Bí ọkùnrin náà ṣe ń yára, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà ń fi kún eré tirẹ̀. Ọkọ̀ kan ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ níwájú, kọ̀ńdọ́ sì ń pe èrò. Bí obìnrin náà bá wọ inú ọkọ̀ yẹn, àpòòwé di ohun tí kò ní olówó mọ́ nìyẹn.

Obìnrin kan tó ń sun àgbàdo lábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá títì ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Kò dìde lórí àpótí tó jókòó lé. Ó kàn gbé ohùn sókè pé, “Àǹtí mi aláǹkárá aláwọ̀ aró, ẹ kú ìrìn o! Ẹ kú oòrùn o!” Obìnrin tó ń sáré náà dáhùn pé, “Ẹ ṣeun o,” kí ó tó rò ó rárá, orí rẹ̀ sì yí padà pẹ̀lú ìdáhùn náà. Ìgbà náà ni alágbàdo wá sọ ohun tó fẹ́ sọ: “Ìwé ọsibítù yín ló já bọ́. Òun nìyẹn lọ́wọ́ bàbá yẹn.” Ọkùnrin náà gbé àpòòwé sókè. Obìnrin náà wo abẹ́ apá rẹ̀, ó rí i pé òfìfo ni, ó sì figbe ta.

Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ṣùgbọ́n ó tọ́ kí a tú u wò, nítorí pé ọkùnrin náà kò sọ ọ̀rọ̀ èébú kan, kò fi ìwọ pe ẹni tó yẹ kí ó fi ẹ̀yin pè, bẹ́ẹ̀ ni kò purọ́. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ méjì fi lé obìnrin náà sá, tí ariwo tí alágbàdo pa sì dá a dúró?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí “ẹ jọ̀ọ́.” Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ni. Ohun tí a fẹ́ kí ẹnì kan ṣe fún wa ni a máa ń so mọ́ ọn: ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ọ̀nà Mókọ́lá? Bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá tẹ̀lé e, tàbí tí ìkíni bá ṣáájú rẹ̀, ọmọlúàbí ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá dá dúró lẹ́nu ẹni tí a kò mọ̀, tí ó sì ń ti ẹ̀yìn wá láàrin ọjà, ohùn ẹni tó ń tọrọ owó ni etí ń gbọ́. Ní Dùgbẹ̀, ẹni tó bá fi “ẹ jọ̀ọ́, mà” nìkan tẹ̀lé ènìyàn, ohun tí a ń retí kí ó sọ tẹ̀lé e ni pé òun kò tíì jẹun láti àná. Ìdí nìyẹn tí obìnrin náà fi dáhùn bí ó ti dáhùn. “Ẹ má bínú” tí ó sọ kì í ṣe àforíjì. Ọ̀nà tí a fi ń sọ fún alágbe pé kò sí lónìí ni. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ń bẹ òun, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ti dá a lóhùn, wọ́n ti tì í sẹ́yìn.

Ìpè kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì burú lọ́nà méjì. Lọ́nà kìíní, obìnrin náà kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni ó sì ń pè é ní màmá. Ní ilẹ̀ wa, a máa ń gbé ẹni tí a kò mọ̀ ga díẹ̀ ju ọjọ́ orí tí a fojú díwọ̀n fún un lọ, kí a má baà ṣèèṣì rẹ àgbà sílẹ̀. Ẹni tó tó àbúrò ẹni lè di àǹtí tàbí bọ̀dá fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kò sì ní ẹ̀ṣẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n ìgbéga náà ní ìwọ̀n. Àtẹ̀gùn kan ni a lè gùn láìbéèrè. Bí a bá gun méjì lẹ́ẹ̀kan náà, a ti ń sọ fún obìnrin pé arúgbó ni a rí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ti ṣi àtẹ̀gùn gùn, kí ó wo ojú ẹni tó pè. Bí ẹni náà bá wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ni a ń pè, tàbí tí ó béèrè pé, “Ṣé èmi ni màmá yín?” a ti gùn kọjá ibi tó yẹ.

Lọ́nà kejì, gbólóhùn náà gan-an ti bàjẹ́. “Nǹkan yín ti jábọ́” jẹ́ ọ̀rọ̀ òtítọ́ lẹ́nu ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn gbájúẹ̀ ti sọ ọ́ di ohun èlò iṣẹ́ wọn. Kò sí ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Èkó tí kò tíì gbọ́ ìtàn ẹni tí wọ́n dá dúró lójú pópó nítorí ìdì owó kan tó ní ẹnì kan sọ nù, tí ìjíròrò nípa bí wọn yóò ti pín in sì parí sí pé owó tirẹ̀ ni ó bá a lọ. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún ọmọ pé kì í ṣe gbogbo ìpè ni à ń jẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin kan tí obìnrin náà kò mọ̀ ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí ó ń ké pé kí ó dúró, pé nǹkan kan ti jábọ́, gbogbo ohun tí wọ́n ti fi kọ́ ọ ni ó pé. Ó gbá báàgì mọ́ àyà, ó sì sá. Ìwà ọgbọ́n ni ó hù.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo ohun tí alágbàdo ṣe. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀, tí ọkùnrin náà sì dúró láti ra àgbàdo méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó béèrè ohun tí obìnrin náà fi mọ bí yóò ṣe dá ẹni yẹn dúró. Èsì tí alágbàdo fún un kò gùn. “Ẹ kò tilẹ̀ kí i,” ni ó sọ.

Nínú ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn ni gbogbo ọgbọ́n náà wà. Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń ṣe iṣẹ́ ẹkisikíùsì mí nígbà tí a bá fẹ́ kí ẹni tí a kò mọ̀ yíjú sí wa, nítorí pé ìkíni ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìkíni tiwa sì ń tọ́ka sí ohun tí à ń ṣe lọ́wọ́. Ẹni tó ń rìn ni à ń kí kú ìrìn, ẹni tó jókòó ni à ń kí kú ìjókòó, ẹni tó wà nídìí ọjà ni à ń kí kú ọjà. Bí alágbàdo ṣe sọ pé “ẹ kú ìrìn,” ó ti fi hàn pé òun rí ẹni tí òun ń bá wí, òun sì mọ ohun tó ń ṣe. Àṣà wa kò sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí a kí láti má dáhùn. Ẹnu a máa ṣáájú èrò. “Ẹ ṣeun o” ti jáde lẹ́nu obìnrin náà kí ó tó rántí pé òun ń sá, ẹni tó bá sì ti dáhùn ti dúró ná.

Ohun kejì ni pé alágbàdo fún un ní orúkọ tó bá a mu. “Àǹtí mi” gbé e ga ní àtẹ̀gùn kan, “mi” tó kẹ́yìn rẹ̀ sì fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n àǹtí pọ̀ ní Dùgbẹ̀ lọ́sàn-án. Ìdí nìyẹn tí ó fi fi aṣọ kún un: aláǹkárá aláwọ̀ aró. “Oní” àti “alá” wọ̀nyí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tó wúlò jù lọ nínú èdè wa lójú pópó. Pẹ̀lú wọn, a lè fi ohunkóhun tí ojú bá rí sọ ènìyàn lórúkọ: aláàkàrà, oníbúrẹ́dì, alábùradà, onígèlè funfun. Ẹni tó ń tà kò ní bínú bí a bá fi ọjà rẹ̀ pè é, nítorí ohun tó fẹ́ kí a rí náà nìyẹn. Ẹni tí kò tà nǹkan kan ni a gbọ́dọ̀ fi orúkọ ẹbí ṣáájú fún. “Aláǹkárá!” nìkan lè dún bí àṣẹ létí rẹ̀, ṣùgbọ́n “àǹtí mi aláǹkárá” kò lè dún bẹ́ẹ̀. Àbùkù ara kò sì sí lára ohun tí a lè fi pe ènìyàn, bó ti wù kí ó hàn tó.

Ohun kẹta kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Alágbàdo jókòó síbi tó wà. Gbájúẹ̀ náà mọ ìkíni, ó sì mọ orúkọ ẹbí í pè. Kódà, ẹnu rẹ̀ dùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó jókòó sí ojú kan tí gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n, kí ó sọ̀rọ̀ sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́, kí ó sì pe ohun tó sọ nù ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Alágbàdo kò sọ pé “nǹkan” já bọ́. Ó ní ìwé ọsibítù ni. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò sọ nù yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun, ẹni tí tirẹ̀ sọ nù yóò sì mọ̀ pé kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá ti dúró sí ojú kan, kí ó gbé àpòòwé sókè, kí ó kí i, kí ó sì sọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó má nílò ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Eré tó ń sá lẹ́yìn obìnrin náà ni ó ba ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ jù.

Kò yẹ kí a dá ọkùnrin yìí lẹ́bi púpọ̀, nítorí pé ibi tó ti ń bọ̀ ní òfin tirẹ̀, òfin náà sì yàtọ̀ pátápátá. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, ohun tó mọ̀ nílé ni ó gbé lọ. Bí ó bá fẹ́ béèrè ọ̀nà, yóò kọ́kọ́ kí ẹni tó fẹ́ bi í pé ẹ káàárọ̀, yóò béèrè bóyá àlàáfíà ni wọ́n wà, lẹ́yìn náà ni yóò tó sọ ohun tó ń wá. Ó máa ń rí i pé bí òun bá ti ń kí wọn, bẹ́ẹ̀ ni ojú wọn ń le sí i. Àwọn kan a mi orí, wọn a sì kọjá. Ìgbà tó pẹ́ ni ó tó yé e pé lójú pópó Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó bá ń kí ẹni tí kò mọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, nǹkan kan ni ó fẹ́ tà, tàbí ẹ̀sìn kan ni ó fẹ́ wàásù, tàbí kí ó fẹ́ tọrọ owó. Ìkíni gan-an ni àmì gbájúẹ̀ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí “nǹkan yín ti jábọ́” ti jẹ́ àmì rẹ̀ nílé.

Ohun tí wọ́n ń retí níbẹ̀ ni àforíjì. Èrò tó wà lẹ́yìn ẹkisikíùsì mí ni pé ẹni tó ń rìn lọ ní àyè kan yí ara rẹ̀ ká tó jẹ́ tirẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ wọ inú àyè náà gbọ́dọ̀ tọrọ ìdáríjì kí ó tó wọlé. Sọ́rì náà ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ ará Bìrìtìkó ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ kí wọ́n tó béèrè aago mélòó ló lù. Gbólóhùn kan náà ni wọ́n ń lò láti pe ènìyàn, láti ní kí wọ́n yà fún àwọn lọ́nà, àti láti bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá sín. Ohùn nìkan ni ó ń ya iṣẹ́ wọ̀nyí sọ́tọ̀, bí ohùn náà bá sì lọ sókè jù ní ìparí, ó di ìbínú. Nílé, ọ̀tọ̀ ni èyí tí à ń lò fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. A ń kí ẹni tí a fẹ́ kí ó yíjú sí wa, a ń sọ fún ẹni tó dí ọ̀nà pé kí ó yà fún wa, ẹni tí a sì fi èjìká gbá ni à ń bẹ̀ pé kí ó má bínú, tàbí tí à ń kí ní pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ sínú “ẹ jọ̀ọ́” kan ṣoṣo ti fi èdè kan sọ̀rọ̀ nínú èdè mìíràn.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ló gbàgbé pípe ènìyàn ní orúkọ oyè. Ní àwọn ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń ta adìyẹ díndín lálẹ́, ọ̀dọ́ tó bá wọlé kì í tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ẹni tó wà nídìí káńtà. Bọ́ọ̀sì-máànù ni ó ń pè é, ìyẹn ọ̀gá, ẹni tó ń tajà náà sì lè pe oníbàárà rẹ̀ ní bọ́ọ̀sì padà. Àwa náà ń ṣe é: ọ̀gá ni mẹkáníìkì ń pe oníbàárà rẹ̀, ọ̀gá kan náà ni oníbàárà ń pe mẹkáníìkì. Kò sí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Ìyàtọ̀ kan péré wà. Bọ́ọ̀sì kì í sọ ẹni tó dàgbà ju ẹnì kejì lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, tí àwa fi ń pe ọkùnrin àti obìnrin láìyàtọ̀, kò mọ ohun mìíràn ju ọjọ́ orí lọ.

Bí a bá kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ bọ́ sí Kùtọnu, ọ̀nà tiwa tún bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Èdè Faransé ni èdè ìjọba níbẹ̀, Faransé kò sì fẹ́ kí a fo ìkíni. Ẹni tó bá wọ ilé ìtajà tí kò sọ bọ́ńjúù kí ó tó béèrè iye ọjà ti hùwà àìmọ̀wàáhù, bó ti wù kí gbólóhùn tó tẹ̀lé e dùn tó, bákan náà ni ó sì rí ní Páríìsì. Lójú pópó Kùtọnu, bí ènìyàn bá fẹ́ gun ọ̀kadà, ohun tó ń ké ni kẹ̀kẹ́nọ̀, ìyẹn lédè Fọ̀n. “Nọ̀” tó wà níparí rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí “oní” ń ṣe lédè wa, nítorí náà oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ará Dùgbẹ̀ tó bá dé ibẹ̀ kò ní pẹ́ kí ó tó gbọ́ bí wọ́n ti ń pe ènìyàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ Fọ̀n.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó rìn jìnnà ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, òun ni àgò. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ni. Àlejò tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹlòmíràn kì í já wọlé, yóò dúró níta, yóò sì wí pé, “Àgò onílé o,” ẹni tó wà nínú ilé yóò sì dáhùn pé, “Àgò yà o.” Láti ara rẹ̀ ni “yàgò” ti wá, tí à ń sọ fún àwọn tó dí ọ̀nà nígbà tí ẹni tó ru ẹrù wúwo bá ń bọ̀. Ní Tógò àti Gánà, àwọn Ewé àti àwọn Akan náà ń sọ agóò ní ẹnu ọ̀nà, èsì tiwọn sì ni amẹ́ẹ̀. Ó rékọjá òkun pẹ̀lú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Ní ìpínlẹ̀ Bàhíà ní Bùràsíìlì, níbi tí òfin kò ti fòpin sí oko-ẹrú títí di ọdún 1888, àwọn ilé òrìṣà ṣì ń fi agô tọrọ ààyè láti wọlé tàbí láti kọjá, àwọn olórìṣà ní Kúbà sì ń sọ ọ́ bákan náà. Lójú pópó, èdè Potogí ni ará Bàhíà fi ń ní kí ènìyàn yà fún òun. Ẹnu ọ̀nà ilé òrìṣà ni àgò ti dúró.

Kì í sì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni àyè rẹ̀ ti ń dín kù. Ilé tó ní ògiri gíga àti géètì onírin kò ní ẹnu ọ̀nà tí a lè dúró sí kí a ké àgò kí wọ́n sì gbọ́. Aago ni àlejò ń tẹ̀, tàbí kí ó fi fóònù pè pé òun ti wà níta. Ọmọ tó dàgbà sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ lè má gbọ́ ìdáhùn àgò rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbàdàn ni ó wà.

Ní Dùgbẹ̀, obìnrin náà padà wá gba àpòòwé rẹ̀. Ó yẹ inú rẹ̀ wò, ó kà wọ́n: fíìmù méjì àti ìwé kan tí dókítà kọ. Ti ọkọ rẹ̀ ni. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ń retí wọn nílé ìwòsàn, kò sì sí owó tí wọn yóò fi ya òmíràn. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ níwájú ọkùnrin tó ti sá fún, ó ní, “Ẹ má bínú, bàbá.”

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sọ lẹ́ẹ̀mejì láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó fi lé ẹnì kan sẹ́yìn láìwo ojú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó wo ojú rẹ̀. Ọkùnrin náà dá a lóhùn pé kò tọ́pẹ́, kí Ọlọ́run fún bàbá ní àlàáfíà, ó sì kí i kú ìtọ́jú aláìsàn. Kọ̀ńdọ́ ṣì ń pe èrò. Obìnrin náà fi àpòòwé sínú báàgì lọ́tẹ̀ yìí, ó fa síìpù rẹ̀ pa, ó sì sáré lọ bá ọkọ̀.